Kí la máa kọ sábẹ́ fótò jíìmù?

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ méjì tí èèyàn lè kọ sábẹ́ fótò kan náà. Àkọ́kọ́: "Ikùn ti wọlé, kílò mẹ́ta ti lọ!" Èkejì: "Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Mo gbé korobá omi gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láì dúró mí."

Èkejì ni mo fara mọ́. Òṣùwọ̀n kì í dúró sójú kan: oúnjẹ oníyọ̀ lálẹ́ tàbí nǹkan oṣù lè mú kí omi dúró lára, kí kílò kan sì padà láàárọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀rá pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọpọlọ ń kọ́ bí yóò ṣe pe iṣan sí iṣẹ́ kí iṣan tó tóbi. Ìdí nìyẹn tí korobá fi ń fúyẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí fótò ò tíì fi nǹkan kan hàn.

Ibi tí èkejì ti lè bàjẹ́ ni téèyàn bá fi "mi ò pa ọjọ́ kan jẹ rí" kún un. Ó ń sọ ìsinmi di ẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ iṣan nílò rẹ̀. "Ibà dá mi dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti padà" sàn jù ú lọ dáadáa.