ÌKÌLỌ̀: Ẹ ṣọ́ra fún píánò tí wọ́n ní "ó kàn nílò túùn ni"

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ohun tí ẹ̀yin tàbí ọmọ yín máa fi bẹ̀rẹ̀ píánò nílé, ẹ jọ̀ọ́, gbólóhùn kan wà tó yẹ kó ta yín lólobó nígbàkigbà tí ọlọ́jà bá sọ ọ́: "Kò sí nǹkan kan tó ṣe é, ó kàn nílò túùn ni." Túùn ni kí wọ́n fa wáyà inú píánò títí ohùn rẹ̀ á fi tọ́. Gbólóhùn yìí ni wọ́n fi ń ta òkú píánò. Píánò onígi àtijọ́ tó dúró ti ògiri, tí ara rẹ̀ ń dán gbinrin, tí owó rẹ̀ kò tó ti kíbọ́ọ̀dù gidi. Nígbà mìíràn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n á ní kí ẹ wá gbé e. Ẹni tí kò mọ inú rẹ̀ á rò pé ọlá dé.

Inú rẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Nǹkan bíi 230 wáyà ló wà nínú píánò kan, nítorí pé ọ̀pọ̀ jù lọ kíì ló ní wáyà mẹ́ta mẹ́ta. Agbára tó ń fa wáyà kan á máa tó nǹkan bíi 70 kílò, gbogbo wọn pọ̀ lè sún mọ́ tọ́ọ̀nù 18. Orí ìṣó irin kan ni wọ́n wé ìdí wáyà kọ̀ọ̀kan sí, wọ́n sì gbá ìṣó náà wọ inú pákó líle kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn férémù irin. Kò sí nọ́ọ̀tì tó dì í mú. Bí pákó yẹn ṣe fún un mọ́ra nìkan ni kò jẹ́ kó yí padà. Bí pákó bá ti gbẹ jù tàbí tó ti sán, ìṣó á máa yọ̀, wáyà á dẹ̀, ohùn á sì wálẹ̀. Ẹ túùn ún lónìí, kó tó ọ̀sẹ̀ méjì ó ti tún bàjẹ́. Irú píánò bẹ́ẹ̀ kò nílò túùn rárá. Ohun tó nílò ni kí wọ́n tú wáyà kúrò, kí wọ́n fi ìṣó tó nípọn sí i rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ pákó náà látòkè délẹ̀. Owó iṣẹ́ yẹn sábà máa ń ju owó tí píánò náà fúnra rẹ̀ tó lọ. Ọlọ́jà tó mọṣẹ́ mọ èyí dáadáa.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹ ṣí ìdérí òkè, kí ẹ tan iná fóònù wò ó. Bí wáyà ṣe wé ìṣó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ó yẹ kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín ibi tí wáyà wé sí àti férémù irin. Bí ẹ bá rí i pé wáyà ti jókòó lé irin pátápátá, ẹnìkan ti fi òòlù gbá ìṣó wọlé sí i kó lè di pákó mú. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ àtijọ́ nìyẹn. Bí ìdí ìṣó bá ní àbàwọ́n dúdú bí ìgbà tí nǹkan olómi dà sí i, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí áàpù túùn lórí fóònù. Kíì A tó wà lókè C àárín gbùngbùn yẹ kó ka 440 Hz, B tó tẹ̀ lé e yẹ kó sún mọ́ 494. Ká ní A ka 425, tí B ka 477. Méjèèjì wálẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, èyí sì lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí wọn kò ti túùn ún ni. Ìyẹn kò burú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbígbé e sókè lè já wáyà tó ti dógùn-ún. Ṣùgbọ́n bí A bá ka 425, tí B tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ka 491, ẹ dúró ná. Ìṣó kan ń yọ̀, èkejì kò yọ̀. Àmì kan náà ni bí kíì kan ṣoṣo bá ń dún wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀ bí ohùn tó ń mì: wáyà mẹ́ta rẹ̀ kò fohùn ṣọ̀kan mọ́. Bí irú kíì bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, ẹ fi píánò náà sílẹ̀.

Ẹ̀tàn kan tún wà níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń jìn sí kòtò: wọ́n á túùn ún ní ọ̀sán kan, wọ́n á pè yín lọ́jọ́ kejì. Ó máa dùn lọ́jọ́ yẹn. Nítorí náà, ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ méjì síra wọn, kí ẹ kọ ohun tí fóònù kà fún kíì mẹ́wàá sílẹ̀, kí ẹ sì fi wọ́n wéra. Mo gbà pé píánò tó dára pàápàá máa ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sókè láti ìsàlẹ̀ réré. Ṣùgbọ́n ìyẹn sábà máa ń rìn lápapọ̀. Èyí tó ń wálẹ̀ gátagàta, kíì kan níbí, kíì kan lọ́hùn-ún, ni kí ẹ sá fún.

Bí ẹ bá ti ní ẹ kò ra píánò náà, ọlọ́jà kan náà á fa kíbọ́ọ̀dù jáde: "Kíì 88 ló ní, bíi ti píánò gan-an." Iye kíì kọ́ ló ń sọ ọ́ di píánò. Ẹ pa á, kí ẹ rọra tẹ kíì kan lọ sísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ sípírìńgì ló wà níbẹ̀, bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló máa ń le sí i. Bó bá ní òòlù kékeré nínú, ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń wúwo, lẹ́yìn náà á gbà fún yín, ó sì lè jẹ́ pé kíì apá òsì wúwo ju ti apá ọ̀tún lọ. Ẹ wá tan án, kí ẹ má tẹ bọ́tìnnì orin àfihàn, nítorí orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kò fi nǹkan kan hàn nípa kíì. Ẹ tẹ kíì kan jẹ́jẹ́, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ gbàgbà. Bí ohùn méjèèjì bá jọra, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá wọ́n ti pa ìdáhùn sí ọwọ́ nínú ètò rẹ̀. Bí ẹ bá tan án tí kò yí padà, ẹ dá a padà fún un. Ẹ tún tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀, kí ẹ máa tẹ kíì púpọ̀. Bí ohùn àkọ́kọ́ bá ń já kúrò láìtọ́jọ́, iye ohùn tó lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà kéré. 64 sókè tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Kíbọ́ọ̀dù oníkíì 88 tó ní òòlù nínú, tó ń gbọ́ ọwọ́ jẹ́jẹ́ àti ọwọ́ líle, sàn fún akẹ́kọ̀ọ́ inú ilé ju òkú píánò lọ. Kò nílò túùn, ẹ sì lè fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí kí ará ilé sùn. Píánò onígi tó lera ni mo máa yàn ju u lọ, bí ẹ bá ní ààyè tí ooru àti ọ̀rinrin rẹ̀ kò yí padà ṣáá, tí ẹ sì lè máa sanwó túùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ṣùgbọ́n kí oníṣẹ́ túùn tí ẹ̀yin fúnra yín pè, tí ẹ sanwó fún, wò ó kí ẹ tó san ohunkóhun. Oníṣẹ́ tí ọlọ́jà bá mú wá, ti ọlọ́jà ni. Bí ọlọ́jà kò bá sì fẹ́ kí ẹ ṣí ìdérí òkè rárá, ẹ ti rí ìdáhùn yín.