Kátúùnù tí kò ní máa ṣẹ́jú: ọ̀nà méjì

Mo ya fídíò màmá kan tó ń gúnyán l'Ádó-Èkìtì, férémù 100, ìyẹn àwòrán 100 tó tò tẹ̀ léra. Mo sọ wọ́n di kátúùnù lọ́kọ̀ọ̀kan, ni àwọ̀ ìró rẹ̀ bá ń ṣẹ́jú: férémù kan kò mọ àwọ̀ tí èyí tó ṣáájú lò.

Ọ̀nà kan ni kí kọ̀ǹpútà wo ibi tí nǹkan sún sí, kó sún kátúùnù àtẹ̀yìnwá síbẹ̀, kó pò ó mọ́ kátúùnù férémù tuntun. Àmọ́ ibi tí ọmọ odó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò kò ní ohun tí a lè sún wá. Òjìji ọmọ odó á máa wọ́ kiri. Tuntun nìkan ni kí ẹ lò níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì, ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ EbSynth, ló wù mí jù. Ẹ fọwọ́ kun férémù kan, yóò tàn án dé ìyókù. Bí màmá bá yíjú, etí tí ẹ kò kùn á dàrú. Ẹ kun férémù mìíràn níbẹ̀.