Ìwé kíkà tàbí kókó ọ̀rọ̀ fún olùta ìdójútòfò lórí fóònù

Bí olùtajà bá ń pe oníbàárà, ó lè ka ìwé tí wọ́n kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún un, tàbí kó di kókó ọ̀rọ̀ díẹ̀ mú. Ẹni tó ń ka ìwé kì í sábà ṣìsọ. Iye owó àti ohun tí ìdójútòfò kò bò gbọ́dọ̀ jẹ́ kíkà, torí àṣìsọ níbẹ̀ á di ìjà lọ́jọ́ ìgbowó. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan bá ní, "Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú," tí olùtajà dáhùn pé, "Ó dára mà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àǹfààní rẹ̀," ìgbẹ́kẹ̀lé ti tán nìyẹn. Ìyá náà ti mọ̀ pé wọn ò gbọ́ òun.

Ẹni tó di kókó mú, ìyẹn béèrè, gbọ́, tún un sọ, kó o tó dábàá, á ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀ mà. Ṣé kí n pè yín lọ́jọ́ mìíràn?" Èyí ni mo fara mọ́, àmọ́ ẹni tí kò tíì mọ ọjà náà dunjú lè ṣèlérí ohun tí kò sí nínú àdéhùn.