LosslessCut lẹ́yìn ọdún kan: gígé ìsìn wákàtí mẹ́ta sí àgékúrú ìṣẹ́jú kan

Ẹ̀ka mídíà ìjọ wa kò ju èèyàn mẹ́ta lọ, èmi ni wọ́n sì gbé gígé fídíò lé lọ́wọ́. Bí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi bá ti parí, fáìlì kan á dé ọ̀dọ̀ mi tó gùn ní wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́ta, wọ́n á sì máa retí àgékúrú mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́. Ètò tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń tún gbogbo àwòrán ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ kó tó gbé e jáde. Kọ̀ǹpútà mi á máa hó bí ẹ̀rọ ìlọta, èmi náà á sì lọ sùn dè é.

LosslessCut kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni gé aṣọ lára igàn: kì í tú òwú kó tó tún un hun. Apá tí o sàmì sí nìkan ló ń dà kọ sínú fáìlì tuntun, bó ṣe wà gan-an. Fáìlì kan tó gùn ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 47, tó sì tó nǹkan bíi 7.5 GB, ni mo fi dán an wò. Mo tẹ I níbi tí mo fẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀, mo tẹ O níbi tó máa parí sí, mo tẹ E, kí n tó mí kanlẹ̀, àgékúrú ti wà nílẹ̀, àwòrán rẹ̀ kò sì fi ohunkóhun yàtọ̀ sí ti ìsìn fúnra rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni tí o bá gbà á lórí GitHub.

Ibi tó ti dára jù fún mi ni wíwá ohun tí mo fẹ́ gé. Ó lè ya ìgbì ohùn sábẹ́ fídíò, nítorí náà mo lè fi ojú rí ibi tí ìjọ ti pariwo. Àmọ́ ariwo kọ́ ni àgékúrú. Ọ̀rọ̀ tó fa ariwo yẹn ti kọjá ṣáájú, ìgbà míì ó tó ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, ibẹ̀ sì lo gbọ́dọ̀ padà sí. Mo tún máa ń kọ aago sílẹ̀ nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ gbígbà sílẹ̀ ní aago 9:04, tí Pásítọ̀ sì sọ̀rọ̀ kan tó wọ̀ mí lára ní nǹkan bí aago 10:17, mo mọ̀ pé àyíká wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 13 ni kí n wá a sí.

Ọ̀rọ̀ aago 10:17 yẹn gan-an ló kọ́ mi ní ohun tí ètò yìí kò lè ṣe. Ohun tí Pásítọ̀ sọ nìyí: “Ẹlòmíì á ní,” wọ́n dákẹ́, wọ́n nu ojú, “‘Ọlọ́run ti gbàgbé mi, mi ò gbàdúrà mọ́.’ Irọ́ ńlá ni o!” Mo sàmì sí 1:12:43 gẹ́lẹ́, níbi tí “Ẹlòmíì” ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí àgékúrú náà, ìṣẹ́jú-àáyá méje ló kọ́kọ́ fi hàn mí níbi tí Pásítọ̀ ti ń mu omi tí ẹnìkan sì ń ṣètò ìlù. Ipò tí wọ́n ń pè ní “Keyframe cut” ni mo wà. Mo yí i sí “Normal cut”: ohùn bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ, àmọ́ àwòrán kò tètè yọ lórí fóònù, ojú fídíò dúdú fún ìwọ̀nba àkókò. Mo bá padà sí ipò àkọ́kọ́, mo sì ti àmì síwájú títí ó fi bọ́ sí ibi tó mọ́lẹ̀. 1:12:46 nìyẹn. Mo fi ránṣẹ́ láìtún gbọ́ ọ.

Kò tó wákàtí kan tí Ìyá Ìjọ fi pè mí. “Ọmọ mi, ta ni Ọlọ́run gbàgbé nínú ilé wa?” “Ẹlòmíì á ní” ti bọ́ sọnù, ó wá kù Pásítọ̀ tí wọ́n ń kéde pé àwọn ò gbàdúrà mọ́. Mo pa á rẹ́ kíákíá.

Ohun tó fà á nìyí. Fídíò kì í tọ́jú gbogbo àwòrán ní odindi. Á tọ́jú odindi kan, lẹ́yìn náà á wulẹ̀ máa kọ ohun tó yí padà sílẹ̀, títí á fi tún dé odindi mìíràn. Odindi yẹn ni wọ́n ń pè ní kífíréémù. Gígé tí kò tún àwòrán ṣe kò lè bẹ̀rẹ̀ níbòmíì àfi níbẹ̀. Nínú OBS tí a fi ń gba ìsìn sílẹ̀, iye tó wà níwájú “Keyframe Interval” jẹ́ 0, ìyẹn ni pé kí ètò náà yàn fúnra rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, x264, ohun tí OBS fi ń fún fídíò pọ̀, lè jẹ́ kó tó àwòrán 250 láàárín odindi kan sí èkejì, a sì ń gba àwòrán 25 sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá nìyẹn: ọ̀kan wà ní 1:12:36, èkejì ní 1:12:46, ọ̀rọ̀ mi sì há sí àárín méjèèjì.

A yí i sí 2. Láti ìgbà náà, àgékúrú kì í tètè bẹ̀rẹ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ, mo sì lè fara da ìyẹn. (YouTube náà ń fẹ́ 2 fún láìfù, kó má ju 4 lọ.) Fún àwọn ìsìn àtijọ́, LosslessCut nìkan kò tó. ffmpeg, ètò mìíràn tí a ń fi àṣẹ kíkọ darí, ni mo fi ń tún apá kékeré yẹn nìkan ṣe, kó lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo fẹ́ gẹ́lẹ́:

```
ffmpeg -ss 01:12:43 -i isin.mkv -t 52 -c:v libx264 -crf 18 -c:a aac agekuru.mp4
```

Ìṣẹ́jú-àáyá 52 péré ló ń tún ṣe, kì í ṣe wákàtí mẹ́ta, nítorí náà kì í pẹ́.

Má retí kí LosslessCut kọ ọ̀rọ̀ sójú fídíò tàbí kó sọ ọ́ di olóòró fún fóònù. Iṣẹ́ ètò mìíràn nìyẹn, ìyẹn náà sì ní ìdíwọ́ tirẹ̀: tí o bá gé fídíò 1920 × 1080 sí olóòró, nǹkan bíi 608 ló kù nínú fífẹ̀ rẹ̀, kò tó ìdá mẹ́ta. Oníwàásù tó ń rìn káàkiri pèpéle á ti jáde kúrò nínú àwòrán kó tó sọ “Àmín”. Ibi tí Pásítọ̀ bá ti dúró sídìí àga ìwàásù ni mo ń yàn.

Ti ẹ̀rí jíjẹ́ yàtọ̀. Bí arábìnrin kan bá sọ̀rọ̀ àìsàn rẹ̀ níwájú ìjọ, kò túmọ̀ sí pé ó fẹ́ kó dé orí fóònù àwọn ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Mo máa ń bi í kí n tó gé e.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹyọ kan tí mo yọ jẹ́ nítorí pé “Normal cut” dún bí ẹni pé òun ló péye jù, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á sì kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ní ti “Keyframe Interval”, mo ti kọ 2 sórí ìwé pélébé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ẹni tó bá ṣáà ti jókòó síbẹ̀ máa ń fẹ́ tún gbogbo nǹkan ṣe.