Áàpù tó ń sọ ohùn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò di káàdì máàkì: bó ṣe ṣe fún wa n'Òṣogbo

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un, kì í sì í ṣe pé mo ya ahun. Áàpù náà ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe. Ẹ gbé ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún un, yóò kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde, yóò ṣa ìdáhùn olùwáṣẹ́ sí abẹ́ ìmọ̀ọ́ṣe kọ̀ọ̀kan, yóò wá fi máàkì láti 1 dé 5 sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lò ó bó ṣe wà gan-an, yóò rẹ́ ẹni tó ń fi Yorùbá dáhùn jẹ, bẹ́ẹ̀ Òṣogbo la sì wà. N ò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí mo yẹ̀ wò kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Òògùn là ń tà ní páálí-páálí fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní agbègbè Ọláìyá. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ là ń wá. Ohun tí a fẹ́ wọ̀n kò ju mẹ́ta lọ: àkọsílẹ̀ ọjà, ìtọ́jú déètì òògùn, àti bí èèyàn ṣe ń bá oníbàárà tínú ń bí sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan náà la bi gbogbo wọn, a sì sọ fún wọn pé wọ́n lè fi Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìdáhùn kan. A ní kí obìnrin kan sọ ìgbà tí iye ọjà inú káàdì ọjà kò bá ti orí pẹpẹ mu. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, nígbà tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná, ó bọ́ sí Yorùbá. Ó ní káàdì sọ pé páálí 48, ohun tó kà sì jẹ́ 45. Ó wá lọ wo wébíìlì ọjà tó wọlé gbẹ̀yìn: 12 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n 9 péré ló dé, ẹni tó gba ọjà ti buwọ́ lù ú láìkà á. Ó pe ẹni tó kó ọjà wá, wọ́n sì kó 3 tó kù wá. Láti ìgbà náà, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni buwọ́ lu ìwé kí wọ́n tó ka ọjà sílẹ̀ ní ojú awakọ̀.

Kí ni áàpù fún un? Máàkì 2. Àlàyé tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé kò mú àpẹẹrẹ gidi wá. Mo ṣí ọ̀rọ̀ tó kọ jáde, mo rí i pé gbogbo apá Yorùbá ti di wótòwótò: àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò bára mu ló tò síbẹ̀, ibòmíràn ó fò ó pátápátá. Ohun tó ṣòro jù ni pé káàdì máàkì náà mọ́, ó dùn ún wò, kò sí àmì kankan lára rẹ̀ pé etí ẹ̀rọ kò gbọ́. Ẹni tó bá ka káàdì nìkan yóò gbà pé obìnrin náà kò mọṣẹ́.

Ọ̀nà tí ẹ lè fi mọ̀ ni pé kí ẹ fi gígùn ohùn wé gígùn ọ̀rọ̀. Bí ìdáhùn bá gba ìṣẹ́jú méjì tí ohun tó kọ jáde kò sì ju ìlà méjì lọ, nǹkan ti sọnù níbẹ̀. Èmi fúnra mi ló tẹ apá Yorùbá náà sí i, mo sì ní kó tún un wò. Ó di 4. Iṣẹ́ yẹn gba àkókò, ìdí nìyẹn tí ìràwọ̀ kan fi lọ.

Ìràwọ̀ kejì lọ nítorí pé áàpù fẹ́ràn ẹnu dídùn. Ọkùnrin kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń ṣàn bí omi Ọ̀ṣun. Ó ní òun máa ń fara balẹ̀, òun kì í fi àkọsílẹ̀ ṣeré, ètò jẹ òun lógún. Kò sọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo, kò dárúkọ káàdì tàbí wébíìlì. Áàpù fún un ní 4. Nígbà náà ni mo wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ìwọ̀n, mo kọ ohun tí máàkì kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí nípa àkọsílẹ̀ ọjà: 1, kò mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, 3, ó sọ ìgbésẹ̀ tó tọ́, ṣùgbọ́n kò fi hàn pé òun ti ṣe é rí, 5, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ohun tó ṣe, àbájáde rẹ̀, àti ohun tó yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi 2 àti 4 sáàárín wọn. Mo tún pàṣẹ pé kó kọ́kọ́ fa ọ̀rọ̀ ẹnu olùwáṣẹ́ yọ pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó ti sọ ọ́, kó tó fi máàkì sí i. Ọkùnrin náà bọ́ sí 2. Obìnrin yẹn gòkè dé 5.

Ìṣẹ́jú tó ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú áàpù náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ohùn gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé wọ́n fún olùwáṣẹ́ kẹta ní 4 lórí déètì, wọ́n ní ó mọ̀ pé òògùn tí déètì rẹ̀ sún mọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde. Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi, tí a jọ ń bi wọ́n ní ìbéèrè, ni mo gbọ́: “Èyí tí déètì ẹ̀ sún mọ́ lo máa kọ́kọ́ gbé jáde, àbí?” Ọmọ náà ní, “Bẹ́ẹ̀ ni sà.” Áàpù ti gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, `Speaker 1`, fún ọmọ náà, `Speaker 2`. Kódà bí kò bá tiẹ̀ ṣì wọ́n mú, ìbéèrè tó ti gbé ìdáhùn dání kò yẹ kó mú máàkì wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Mo kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni o.” Wọn kò ran àwọn yòókù lọ́wọ́ ní tiwọn.

A yí i padà sí `Not assessed`. Ó dára pé áàpù náà ní irú àyè yìí, torí ohun tí a kò bi èèyàn dáadáa kọ́ ni ohun tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: nígbà tó ń ṣe àròpọ̀, ó ka `Not assessed` sí òdo títí mo fi pa á láṣẹ pé kó yọ ọ́ kúrò. Mi ò wo àròpọ̀ mọ́ báyìí, ìmọ̀ọ́ṣe kọ̀ọ̀kan ni mò ń wò lọ́tọ̀. Ọmọ náà, a pè é lórí fóònù, a sì bi í ní ìbéèrè náà bí a ṣe bi àwọn tó kù.

Nípa ohùn gbígbà: ẹ gbé fóònù sí iwájú olùwáṣẹ́, ẹ pa fáànù, kí jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà sí fèrèsé. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ gba ohùn rẹ̀, ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, àti ìgbà tí ẹ máa pa á rẹ́. Òfin ààbò ìsọfúnni aráàlú tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 kan ohùn náà, kò sì fẹ́ kí ẹ̀rọ nìkan dá ìpinnu ńlá ṣe lórí èèyàn. Máàkì tí áàpù bá mú wá, àbá ni. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la buwọ́ lù ú.

Ọkùnrin elédè Gẹ̀ẹ́sì yẹn pè lẹ́yìn náà, ó fẹ́ mọ ìdí tí a kò fi mú òun. Mo ka ìlà tí a fà yọ lẹ́nu rẹ̀ fún un. Ó ní òun sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo ní kó wá gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ kí a tó pa fáìlì náà rẹ́. Ó wá, ó sì gbọ́ ọ. Ó bi mí bóyá òun lè sọ ti sítọ́ọ̀ tí òun ti ṣiṣẹ́ rí n'Ìlobùú nígbà tí a bá tún ń wá èèyàn. Mo ní kó sọ ọ́ pẹ̀lú iye páálí.