Excel, KoboCollect tàbí ERPNext: èwo ló yẹ ẹgbẹ́ kòkó?

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó kan nítòsí Ìdànrè. Tí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìṣirò orí kóḿpútà tàbí fóònù fún ẹgbẹ́ yín, ẹ má tíì bèèrè iye rẹ̀. Ẹ mú kòkó àgbẹ̀ kan ṣoṣo, kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ náà lè tẹ̀lé e láti orí òṣùwọ̀n títí tí a fi tà á.

Ká ní bàbá kan gbé àpò mẹ́ta wá. Òṣùwọ̀n ní kílò 195. Àpò òfìfo kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà ó ku 192. Ẹ̀rọ tó ń wọn omi ní omi inú kòkó náà jẹ́ 10 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ kòkó tí omi rẹ̀ kò ju 7.5 lọ ni à ń dá owó lé. Èyí ni ìṣirò rẹ̀:

```
192 × (100 − 10) ÷ (100 − 7.5) = 186.8
```

Tí kílò kan bá jẹ́ 5,000 náírà, owó rẹ̀ di 934,000. Ẹgbẹ́ ti fún un ní oògùn àti ajílẹ̀ tó tó 200,000 náírà kí kòkó tó dé, torí náà 734,000 la máa san fún un. Lẹ́yìn èyí, kòkó rẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn níbi tí a ti ń sá a, ibẹ̀ ni wàhálà sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Excel la kọ́kọ́ lò. Ó wà lórí kóḿpútà wa tẹ́lẹ̀, ọmọ tó bá kàwé díẹ̀ sì lè lò ó. Fún ẹgbẹ́ tí kò ju ọgbọ̀n àgbẹ̀ lọ, ó tó. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó ṣe tiwa kọ iye owó kílò sí ojú kan ṣoṣo:

```
=E2*$H$1
```

Nígbà tí owó kòkó gòkè, a yí `H1` padà, ni gbogbo owó tí a ti san tẹ́lẹ̀ bá yí padà pẹ̀lú. Ọjọ́ méjì gbáko la fi ń wo ìwé rìsíìtì ká tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ lò ó, kí iye owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà tirẹ̀.

KoboCollect yàtọ̀. Fọ́ọ̀mù tí a ń kọ àkọsílẹ̀ sí lórí fóònù Android ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ lè kọ ìṣirò omi yẹn sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, kí ẹ sì fi ya àmì ibi tí oko wà. Àwọn tó ń kó kòkó lọ sí Yúróòpù ń bèèrè àmì yìí báyìí, torí òfin EU 2023/1115 kò gba kòkó láti ilẹ̀ tí a gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Oko tó bá ju hẹ́kítà 4 lọ, ààlà rẹ̀ ni wọ́n máa fẹ́, kì í ṣe àmì kan ṣoṣo. Àléébù rẹ̀ ni pé kò mọ gbèsè. Bó ṣe gba àpò mẹ́ta òní kò kan ajílẹ̀ tí bàbá gbà níjọ́sí.

ERPNext, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà àti owó pa pọ̀ lórí kóḿpútà, mọ gbèsè. `Purchase Receipt` ni ẹ máa fi gba kòkó, `Payment Entry` ni ẹ máa fi sanwó. Tí ẹ bá ti tẹ `Submit`, ẹnikẹ́ni kò lè dédé tún un ṣe mọ́: àfi kó tẹ `Cancel` kó tó `Amend`, àkọsílẹ̀ àtijọ́ á sì ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó fún mi láti fẹ́ràn rẹ̀ ju Excel lọ.

Èyí tó tún wúlò jù ni `Repack`. Tí ẹ bá kó 1,000 kílò láti ọwọ́ àgbẹ̀ mẹ́fà lọ sá, tí 980 bá padà, `Repack` á kọ ọ́ sílẹ̀ pé 20 ti lọ, owó tí ẹ fi ra 1,000 á wá wà lórí 980 tó kù. Ẹ ó mọ èrè tòótọ́. Tí omi bá lè ṣàlàyé 20 yẹn, kò burú. Tó bá jẹ́ 60 ló lọ nígbà tí omi kò ju 9 lọ, ẹ lọ bá ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rù.

A kì í san owó láti gba ERPNext, ṣùgbọ́n ẹ máa sanwó ibi tí yóò máa gbé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì àti ti ẹni tó máa tò ó. Ẹ tún gbọ́dọ̀ fi ojú tí a ó kọ omi sí kún un fúnra yín, ó sì nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ohun tí àwa ṣe ni pé KoboCollect wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wọn kòkó nínú oko, ERPNext sì wà ní ọ́fíìsì. A ń gbé àkọsílẹ̀ láti ọ̀kan sí èkejì ní alẹ́ ọjọ́ ọjà. Kò rọrùn, ó ń gba wákàtí kan.

Ẹni tó bá wá ta ẹ̀rọ mìíràn fún yín, ẹ fún un ní orúkọ àpò kan tí ẹ ti tà. Kó fi hàn yín lójú ẹsẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tí kòkó wọn wà nínú rẹ̀ àti iye tí ẹ san fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ lọ sílé lọ wò ó, ẹ jẹ́ kó máa lọ.