Àgbéyẹ̀wò: ètò ìṣirò owó tó fẹ́ sọ owó ilé-ìwé àwọn ọmọ di owó gbọ̀ngàn

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan ní ìpínlẹ̀ Máríláàǹdì, ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ aláìlérè. Ètò ìṣirò owó orí ẹ̀rọ tí à ń sanwó fún lóṣooṣù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Wọ́n ní irú ẹgbẹ́ bíi tiwa gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Mi ò ní dárúkọ wọn.

Ìròyìn ìparí ọdún tó gbé jáde ló bí mi nínú. Lọ́dún náà, àwọn èèyàn dá 40,000 dọ́là fún ẹgbẹ́ láìsọ ohun tí a ó fi ṣe. Ìdílé kan tún fún wa ní 30,000, wọ́n sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ilé-ìwé Sátidé, níbi tí à ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, nìkan ni ká ná an fún. A ná 12,000 níbẹ̀ kí ọdún tó parí, a sì ná 35,000 sórí àwọn nǹkan yòókù. Òpó kan ṣoṣo ni ètò yìí kó gbogbo rẹ̀ sí: 70,000 wọlé, 47,000 jáde, 23,000 ṣẹ́ kù. Nígbà tí alága wo ìwé náà, inú wọn dùn. “Akápò, a ti rówó gbọ̀ngàn!” Wọ́n ti fẹ́ san àsansílẹ̀.

Kò sówó gbọ̀ngàn níbẹ̀. Láti ọdún 2016 ni FASB, àjọ tó ń ṣòfin ìṣirò owó ní Amẹ́ríkà, ti ní kí ìsọ̀rí mẹ́ta àtijọ́ di méjì: owó tí olùfúnni so mọ́ iṣẹ́ tàbí àkókò kan, èyí tí mo ń pè ní owó àdéhùn, àti owó tí kò so. Òpó méjì ló yẹ kó wà nínú ìwé náà. 30,000 yẹn máa wọ òpó owó àdéhùn lódindi lọ́dún tí wọ́n fún wa. Bí a bá ti ná 12,000 fún iṣẹ́ tí wọ́n sọ, a ó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, a ó sì gbé e sí òpó kejì, lórí ìlà tí ẹ ó rí lójú ẹ̀rọ bíi `Net assets released from restrictions`. Òpó kejì yìí náà ni gbogbo ìnáwó ń wà. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: 40,000 àti 12,000, ẹ yọ 47,000 kúrò, ó ku 5,000. Ní òpó àdéhùn, ó ku 18,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ 23,000, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá wo ìlà ìsàlẹ̀ nìkan kò fi lè mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Mo pe ilé-iṣẹ́ tó ni ètò náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé fóònù ní kí n lọ ṣí àkáǹtì bánkì míì fún owó ilé-ìwé. Kò sóhun tó kàn bánkì níbẹ̀! Inú ìwé la ti ń yà á sọ́tọ̀. Owó méjèèjì lè wà nínú àkáǹtì kan. Ó wá fi àtúnṣe ránṣẹ́: ó ti sọ 18,000 di gbèsè. Lẹ́tà ìdílé yẹn kò sọ pé a máa dá owó padà, kò sì sí ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe kó tó di tiwa. Owó tó wọlé ni, kì í ṣe gbèsè. Mo bínú gan-an.

Ó fà mí lé obìnrin kan lọ́wọ́, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọ́dítọ̀ rí. Ìyá yìí kọ́kọ́ ní kí n ka lẹ́tà náà fún òun. Ó wá rí i pé owó tó bá ti bánkì wọlé, ètò náà máa ń sọ ọ́ di owó gbogboogbò láìbéèrè. Ó ṣí àpò “Ilé-Ìwé Sátidé,” ó so owó náà àti owó ìwé pẹ̀lú owó olùkọ́ mọ́ ọn, kò sì kúrò lórí fóònù títí ìwé tuntun fi jáde, 5,000 lápá kan, 18,000 lápá kejì. Nígbà tí mo sọ fún un pé ìgbìmọ̀ wa ti ya 4,000 sọ́tọ̀ fún ìlù, wọ́n sì fẹ́ kó wà ní òpó àdéhùn, ó ní rárá o. Olùfúnni nìkan ló lè so owó; ohun tí ìgbìmọ̀ bá so, ìgbìmọ̀ lè tú u. Kó ní orúkọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kó wà láàárín 5,000 yẹn. Mi ò tíì rí òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ tó báyìí lórí fóònù.

Síbẹ̀, wọn kò tíì tún ètò náà fúnra rẹ̀ ṣe. Owó bánkì ṣì ń wọ gbogboogbò láìbéèrè, orúkọ ìsọ̀rí mẹ́ta àtijọ́ ṣì wà nínú àtẹ àkáǹtì tí wọ́n ń fún oníbàárà tuntun, wọ́n sì ti fi kún owó oṣooṣù.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. A ti san ti ọdún tó ń bọ̀.